Orúkọ wo la ó fún ohun tó bo èèpo ẹyin?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ olùsìn adìẹ, Iléṣà:
Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń ṣe ìwé pélébé kan fún àwọn tó ń sin adìẹ ẹlẹ́yin. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ẹ má fọ ẹyin kí ẹ tó kó o pamọ́, kí ìtànná ara rẹ̀ má baà ṣí kúrò." Ṣé "ìtànná" lè dúró fún ohun tó bo èèpo ẹyin yẹn? Bí kò bá lè dúró, kí la ó máa pè é?

Ìyá Ẹlẹ́yin, Ọjà Àtàkúnmọ̀sà:
Ọmọ mi, ta ló máa ń fọ́ ẹyin kó tó kó o pamọ́? Ẹyin tó bá ti fọ́, àwọn tó ń ṣe kéèkì là ń tà á fún lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá jẹ́ pé fífi omi fọ̀ ọ́ lo ní lọ́kàn, oníbàárà kì í ra ẹyin tí ìgbẹ́ adìẹ wà lára rẹ̀. Omi kànga la fi ń fọ̀ ọ́, a ó fi aṣọ nù ún, a ó sì tò ó padà sínú kéréètì. Lásìkò òjò, àwọn mìíràn nínú rẹ̀ a máa rùn kí wọ́n tó tà tán. Mo gbà pé oúnjẹ tí wọ́n ń fún adìẹ ló fà á. Kí ni orúkọ tí ẹ fẹ́ sọ ọ́ máa ṣe sí ìyẹn?

Alátùn-únṣe àkọtọ́, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí Ìyá sọ, nítorí irú wọn ni ìwé náà wà fún. Ọ̀rọ̀ "fọ ẹyin" ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Ohùn òkè ló wà lórí "fọ́", ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí "fọ̀", ṣùgbọ́n bí "fọ̀" bá ti gba ẹyin mọ́ra, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn á di ohùn àárín. Ẹni tó ń kàwé kíákíá kò ní dá a mọ̀. Bí ilé ìtẹ̀wé bá wá tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì, tí wọ́n kọ "e ma fo eyin", ẹnìkan á kà á sí "ẹ má fọ́ ẹyin", ẹlòmíràn á kà á sí "ẹ má fọ eyín", eyín ẹnu. Àbá mi ni "ẹ má fi omi kan ẹyin". Ohùn wo làwọn èèyàn bá fi kà á, wọn ò ní ṣì í gbọ́.

Ní ti "ìtànná", rárá o. Òdòdó ni gbogbo wa mọ̀ sí ìtànná. Ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ẹ ń túmọ̀, "bloom", ní ìtumọ̀ méjì: òdòdó, àti ohun fẹ́lẹ́ bí ìyẹ̀fun tó máa ń bo ara èso kan. Èkejì ni wọ́n ń lò fún ẹyin. Ẹ fi òdòdó sílẹ̀.

Olùkọ́ Yorùbá, Ilé-Ifẹ̀:
Mo fara mọ́ àtúnṣe "fi omi kan". Ẹ má sì pè é ní "awọ ẹyin" o, torí awọ lèyí tó wà lábẹ́ èèpo, tí a máa ń bó pẹ̀lú èèpo bí a bá se ẹyin. Èyí tí à ń sọ wà lókè èèpo. Mo dábàá "ọ̀rá èèpo". Omi àti ọṣẹ ló ń mú un kúrò, ọ̀rá sì ni ọṣẹ máa ń ká. Bí ẹ kò bá fẹ́ ìyẹn, ẹ pè é ní "èdìdì ẹyin", nítorí ó dí ẹyin pa, tí ohunkóhun kò fi lè wọlé tàbí jáde.

Onímọ̀ ẹran ọ̀sìn, Ilé-Ifẹ̀:
Olùkọ́ wa, ẹ ṣeun. Awọ tí ẹ yọ kúrò tọ̀nà, ṣùgbọ́n "ọ̀rá" kò bá a mu, "èdìdì" sì le jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́, kí ẹ̀yin tí ẹ mọ èdè lè rí ibi tí ẹ ó di orúkọ mú.

Ó máa ń gba adìẹ ní nǹkan bí ọjọ́ kan àti díẹ̀ láti ṣe ẹyin kan. Bí i 20 wákàtí nínú rẹ̀ ló fi ń mọ èèpo. Ìgbà tí èèpo bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, tó ku díẹ̀ kí adìẹ yé, ni ibi kan náà tó mọ èèpo á da omi kan lé e lórí. Purotéènì ló pọ̀ jù nínú omi yìí, ọ̀rá inú rẹ̀ kéré. Bí ẹyin bá jáde, ara rẹ̀ á ṣì rin díẹ̀, omi náà á sì gbẹ mọ́ èèpo láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó fẹ́lẹ́ gan-an, bí i ìdá kan nínú ìdá 100 mìlímítà kan, kì í sì í ṣe déédéé: ibì kan lára ẹyin kan náà lè nípọn, kí ibòmíràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò.

Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ẹnu ihò. Èèpo ẹyin kan ní ihò tó tó 7,000 sí 17,000, tí ojú wa kò lè rí púpọ̀ nínú wọn. Nǹkan yìí ló ń dí ẹnu wọn. Kò dí wọn pa, Olùkọ́. Ìbá ṣe pé ó dí wọn pa ni, òròmọdìẹ inú ẹyin ì bá kú nítorí àìrí afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ọ̀rinrin inú ẹyin sì ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àyè afẹ́fẹ́ níbi ìdí ẹyin fi ń tóbi bí ọjọ́ ti ń lọ, tí ẹyin tó ti pẹ́ fi ń léfòó. Ohun tí nǹkan náà ń dènà ni omi, àti bàkítéríà tó máa ń bá omi wọlé.

Mo fẹ́ dá Ìyá lóhùn wàyí. Mà, kì í ṣe oúnjẹ adìẹ ló ń mú ẹyin yín rùn. Ara adìẹ gbóná tó nǹkan bí 41 dígírì, ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé sì súnmọ́ ọn. Omi kànga tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí ẹ bá rì í sínú rẹ̀, ohun tó wà nínú ẹyin á sún kì, èèpo kò sì lè bá a sún. Àyè á ṣí nínú, ẹyin á sì máa fa ohun tó yí i ká wọlé láti ẹnu ihò. Ohun tó yí i ká nígbà náà ni omi tí ìgbẹ́ ti pò mọ́. Nígbà kan náà, ọwọ́ àti aṣọ tí ẹ fi ń nù ún ń ha ohun tó yẹ kó dí ihò náà kúrò. Aṣọ kan náà tẹ́ ẹ fi nu kéréètì kan ló tún ń gbé ìdọ̀tí dé èkejì.

Kì í rùn lọ́jọ́ náà. Awọ méjì wà lábẹ́ èèpo, funfun ẹyin sì ní èròjà tó ń bá bàkítéríà jà. Ìjà yẹn máa ń gba ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tí ẹyin bá fi máa rùn, èèyàn á ti gbàgbé omi, á sì máa dá oúnjẹ adìẹ lẹ́bi. Lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ tutù, èèpo kì í tètè gbẹ, ló fi burú jù nígbà náà.

Ìyá Ẹlẹ́yin, Ọjà Àtàkúnmọ̀sà:
Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ṣé kí n máa tà á bẹ́ẹ̀?

Onímọ̀ ẹran ọ̀sìn, Ilé-Ifẹ̀:
Rárá, Mà. Inú ìtẹ́ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn tó ń kó ẹyin fún yín máa pààrọ̀ èérún pákó inú ìtẹ́ kó tó rin, kí wọ́n sì máa kó ẹyin lẹ́ẹ̀méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́. Ìgbẹ́ díẹ̀ tó ti gbẹ, ẹ fi aṣọ gbígbẹ tàbí sáńpépà múlọ́múlọ́ ha ojú ibẹ̀ nìkan. Ẹ má ha gbogbo ara ẹyin, torí sáńpépà náà ń ṣí nǹkan yẹn kúrò.

Èyí tó dọ̀tí púpọ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀. Bó bá di dandan kí ẹ fọ̀ ọ́, kí omi gbóná ju ẹyin lọ ní bí i 11 dígírì ó kéré tán. Ẹyin tó ti wà nínú ilé wa níbí yóò wà ní bí i 28, nítorí náà omi 40 sí 45 ló yẹ ẹ́. Tẹmọmítà ló dára jù láti fi wọ̀n ọ́n. Omi tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lè sán èèpo. Ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ fọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ pààrọ̀ omi bó bá ti dọ̀tí, ẹ nù ún gbẹ kíákíá, kó wọ fíríìjì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì tètè lò ó. Kò gbọ́dọ̀ tún padà sórí tábìlì ọjà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ àti omi gbígbóná fọ ẹyin, ṣùgbọ́n inú òtútù bí i 7 dígírì ló ń wà lẹ́yìn náà títí ó fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Ní Yúróòpù, òfin ní gbogbogbòò kò gbà kí a fọ ẹyin onípò kìíní rárá. Kò sí ìtakora níbẹ̀: ẹni tó ṣí ìbora kúrò gbọ́dọ̀ fi òtútù rọ́pò rẹ̀.

Ohun kan tí ìwé pélébé náà kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: bàkítéríà kan wà tí wọ́n ń pè ní sàlìmonẹ́là, tó máa ń wọ inú ẹyin láti inú adìẹ tó ń ṣàìsàn, kí èèpo tó bò ó. Nǹkan tó wà lókè èèpo kò lè ṣe ohunkóhun sí ìyẹn. Kí ẹyin jinná dáadáa ni.

Olùkọ́ Yorùbá, Ilé-Ifẹ̀:
Mo ti gbé "ọ̀rá" àti "èdìdì" kúrò. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ dídí ihò, ẹ jẹ́ ká pè é ní "adíhò èèpo".

Alátùn-únṣe àkọtọ́, Ilé-Ifẹ̀:
"Adíhò" dún bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà. Ó sì fi ara tó kù sílẹ̀, nítorí gbogbo èèpo ni nǹkan yìí bò. "Ìbora èèpo" ló tẹ́ mi lọ́rùn, ọ̀rọ̀ tí Onímọ̀ fúnra wọn ti lò láìmọ̀.

Onímọ̀ ẹran ọ̀sìn, Ilé-Ifẹ̀:
Èmi fẹ́ràn "adíhò" nínú ìwé ẹ̀kọ́, torí ó sọ ohun tí omi ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ìbora náà ju ihò lọ. Díẹ̀ nínú àwọ̀ búráùn ẹyin wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni àwọ̀ fi máa ń ṣí lára ẹyin tuntun bí èèyàn bá fi omi ha á. Àwọn oníwàádìí máa ń ti ẹyin bọ inú aró kan, wọ́n á sì ṣan án: ibi tí ìbora wà á mú aró, ibi tó ti ṣí kò ní mú un.

Ìyá Ẹlẹ́yin, Ọjà Àtàkúnmọ̀sà:
Ẹ sọ ọ́ di "aṣọ ẹyin". Bí ẹ bá ní kí n má bọ́ aṣọ lára ẹyin, mo ti gbọ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ olùsìn adìẹ, Iléṣà:
Ìyá, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yí i padà: "Ẹ má fi omi kan ẹyin tí ẹ fẹ́ kó pamọ́. Omi ń bọ́ aṣọ ẹyin, ìdọ̀tí á sì gba ihò èèpo wọlé." Ẹ̀yin olùkọ́ lè máa bá àríyànjiyàn "adíhò" àti "ìbora" lọ fún ìwé ẹ̀kọ́. Ìbéèrè kan kù: ẹyin tí kò kan omi, tó jáde láti inú fíríìjì, tí ara rẹ̀ wá ń làágùn, ṣé "omi ti kan án" nìyẹn?

Onímọ̀ ẹran ọ̀sìn, Ilé-Ifẹ̀:
Ó ti kan án. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń di omi lára èèpo tútù, ó sì lè gbé bàkítéríà gba ihò tí kò dí dáadáa. Ẹ má nù ún, ẹ má sì gbé e wọlé-jáde fíríìjì. Kí ẹni tó ń tà á mú iye tó lè tà lọ́jọ́ kan jáde, kó fi í sílẹ̀ nínú kéréètì níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ títí yóò fi gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn kan kún ìwé náà nípa ẹyin tó ń làágùn.