Olùyẹ̀wò ní tẹ́ẹ̀sì t kò bá dátà mi mu. Kí ni kí n kọ sí i?

Adùkẹ́_Olùwádìí: Ẹ gbà mí o. Oṣù méje ni jọ́nà kan fi jókòó lé iṣẹ́ mi lórí. Nígbà tí èsì máa dé, olùyẹ̀wò kejì kọ gbólóhùn méjì péré: «Iye ọjọ́ tí aláìsàn lò nílé ìwòsàn máa ń nírù gígùn lápá ọ̀tún. Kí ló dé tí ẹ fi lo tẹ́ẹ̀sì t?» Olùyẹ̀wò kìíní kò rí nǹkan kan bá wí! Ọ̀gá mi ní kí n fún un lésì tó máa pa á lẹ́nu mọ́. Ohun tí mo kọ nìyí: «Èèyàn 212 la yẹ̀ wò. Bí èèyàn bá ti pọ̀ tó báyìí, tẹ́ẹ̀sì t kò ní ìṣòro, bí dátà bá tilẹ̀ wọ́ sí apá kan.» p = 0.0007 ni mo rí. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí n dá lẹ́tà padà.

Ayọ̀bámi: Má bá a jà, jàre. Lo Mann-Whitney, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dátà tó bá ti wọ́, Mann-Whitney ni oògùn rẹ̀.

Ìyá_Tábìlì: Èmi náà rí irú wọn. Tèmi ní kí n yọ ẹni mẹ́rin kúrò nínú dátà, mo yọ wọ́n, olùyẹ̀wò mìíràn wá bi mí pé kí ló dé tí mo fi yọ wọ́n. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Alàgbà_Ìṣirò: Adùkẹ́, ọ̀nà méjì lo pín àwọn 212 náà sí. Mélòó ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ìpíndọ́gba àti ìfọ́nká wọn ńkọ́?

Adùkẹ́_Olùwádìí: Ẹ ṣé, sà. Ẹ̀yin Ayọ̀bámi, mi ò lè lo Mann-Whitney, iye ọjọ́ tí bẹ́ẹ̀dì kún ni iṣẹ́ wa dá lé, ìpíndọ́gba la nílò. Ọ̀gá mi náà kò fẹ́ kí a yí ohunkóhun padà.

Alàgbà_Ìṣirò: Lórí ìpíndọ́gba, o jàre. Ipò ni Mann-Whitney ń wò, bóyá ẹni tó wà níbí sábà máa ń pẹ́ ju ẹni tó wà lọ́hùn-ún lọ. Kò lè sọ iye ọjọ́ bẹ́ẹ̀dì tí a máa rí fi pamọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n o kò dáhùn mi.

Adùkẹ́_Olùwádìí: Ìtọ́jú tuntun: 193, ìpíndọ́gba 5.2, ìfọ́nká 4.1. Ìtọ́jú àtijọ́: 19, ìpíndọ́gba 9.8, ìfọ́nká 13.3. Ẹnì kan nínú àwọn 19 yẹn lo ọjọ́ 61.

Alàgbà_Ìṣirò: Háà. 212 rẹ ti di 19 nìyẹn. Ìlà wo lo kà lórí SPSS?

Adùkẹ́_Olùwádìí: Ìlà òkè, `Equal variances assumed`. Òun ni gbogbo wa máa ń kà.

Alàgbà_Ìṣirò: Wo ìlà ìsàlẹ̀, `Equal variances not assumed`. Welch nìyẹn. Ìlà òkè pa ìfọ́nká méjèèjì pọ̀. Àwọn 193 tí ọjọ́ wọn sún mọ́ra wá bo àwọn 19 tó fọ́n ká mọ́lẹ̀, ó sì dà bíi pé ìpíndọ́gba 9.8 yẹn fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí mo ṣe ṣe é lọ́wọ́ mi, aṣìṣe ìyàtọ̀ náà jẹ́ 1.3 lókè, ó di 3.1 nísàlẹ̀. t bọ́ láti 3.5 sí 1.5, p di nǹkan bíi 0.15.

Adùkẹ́_Olùwádìí: 0.15?! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni o.

Ìyá_Tábìlì: Yọ ẹni ọjọ́ 61 yẹn.

Alàgbà_Ìṣirò: Kí o tó sunkún bíi ti Ìyá_Tábìlì? Bí o bá yọ ọ́, ìpíndọ́gba wọn á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 7.0, ìyàtọ̀ á ku bí ọjọ́ 1.8. Ẹni yẹn nìkan ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ 4.6 yẹn. Gbé èsì méjèèjì síbẹ̀, kí òǹkàwé rí i. Lẹ́tà náà lè lọ báyìí: «Ọ̀rọ̀ yín tọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀wọ́ náà kéré, ó sì fọ́n ká. A ti fi Welch rọ́pò tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ jẹ́ ọjọ́ 4.6, ó sì lè wà láàárín -1.8 sí 11.0. A ti yí àkótán wa padà.»

Ayọ̀bámi: Ṣé Welch náà tó fún èèyàn 19 tó wọ́ tó bẹ́ẹ̀? Mo ṣì fẹ́ kí ó kọ Mann-Whitney sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Alàgbà_Ìṣirò: Òótọ́ lo sọ, ìrù gígùn ṣì lè ṣi Welch náà lọ́nà. Bootstrap pàápàá kò lè fa òótọ́ jáde lára èèyàn 19. Kọ Mann-Whitney sí i bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n sọ pé ìbéèrè mìíràn ló ń dáhùn.

Adùkẹ́_Olùwádìí: «A ti yí àkótán wa padà» yẹn ló le. Àkòrí iṣẹ́ wa gan-an ni «ìtọ́jú tuntun dín ọjọ́ kù». Ta ló fẹ́ bá mi sọ ọ́ fún ọ̀gá mi?