Ṣé mo lè gba àwọ̀ bébà àyẹ̀wò omi gbọ́ bí fọ́tò rẹ̀ bá pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ máa ń yẹ omi wò. Mo ti bébà àyẹ̀wò bọ omi kànga láti mọ bí náítíréètì inú rẹ̀ ti pọ̀ tó, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ àwọ̀ ara ìgò nígbà tí àkókò tí ìtọ́ni sọ pé gẹ́lẹ́.

Nínú fọ́tò náà, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín 25 àti 50 mílígíráàmù nínú lítà kan, ṣùgbọ́n ó jọ àwọ̀ ọsàn ju pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí àtẹ lọ. Ìdí bébà náà, tó funfun lójú, ti di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀, nítorí náà mo fura sí iná gílóòbù. Nígbà tí mo tún fọ́tò ṣe títí ìdí náà fi funfun, àwọ̀ náà sún mọ́ 25. Àmọ́ ìgò rí roboto, ó sì ń dán, ìmọ́lẹ̀ sì bo ibi tí 50 wà, nítorí náà àtúnṣe yẹn lè má bá àtẹ náà mu.

N kò lè tún bébà kan náà yà, torí àwọ̀ rẹ̀ ń dúdú sí i bó bá ti pẹ́. Níwọ̀n bí 50 ti jẹ́ ìwọ̀n tó ga jù lọ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún omi mímu, ṣé kí n kọ “25 sí 50” sílẹ̀, àbí kí n fi bébà tuntun ṣe é ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lábẹ́ ibòòji, kí n tó gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò?