Ó ń dún "tá!" níbi tí mo bá ti gé ọ̀rọ̀

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Mo gba ohùn ìyá bàbá mi sílẹ̀ lórí bí àwọn ṣe ń ran òwú nígbà èwe wọn. Ikọ́ ń yọ wọ́n lẹ́nu, mo sì gé gbogbo ikọ́ náà kúrò, ibi 23. Ibi tí mo bá ti gé, á dún "tá!" bí ẹni ṣẹ́ igi ìṣáná. Mo fẹ ojú ibẹ̀ lórí Audacity tí mo fi ń gé ohùn lórí kọ̀ǹpútà: ìlà ohùn wà lókè, ó kàn já wálẹ̀ lójijì.

Aṣàtúnṣe rédíò: Jíjá yẹn gan-an lò ń gbọ́. Fi òpin ègé ohùn àkọ́kọ́ lé orí ìbẹ̀rẹ̀ ègé èkejì díẹ̀, kí ọ̀kan máa lọlẹ̀ bí èkejì ṣe ń gòkè. Mílísẹ́kọ́ńdì 5 sí 10 ti tó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, 100 ni mo máa ń lò, ìdí ikọ́ tí mo gé á sì tún yọjú lábẹ́ ọ̀rọ̀.

Bọ̀dá Fẹ́mi: Kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Ẹ yan ibi tí ẹ fẹ́ gé, kí ẹ tẹ `Z`, á sún un sí ibi tí ìlà ti kan òdo. Ó parí.

Aṣàtúnṣe rédíò: Ó máa ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ kì í ṣe nígbà gbogbo. Ìlà kan lè kan òdo bó ṣe ń gòkè, kí èkejì kàn án bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Etí ṣì lè gbọ́ ọ. Bó bá sì jẹ́ ohùn apá méjì, tòsì àti tọ̀tún kì í sábà kan òdo pa pọ̀.

Ìyá Ìbejì: Èmi náà jìyà ẹ̀! "Gb" àti "p" ló ń fẹ́ atẹ́gùn lu máíkì mi. Mo yí máíkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ó dákẹ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Tiyín yàtọ̀ sí tèmi, mà. Mo ti lo 10, "tá" ti lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí mo fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sí kí ọ̀rọ̀ lè mí, ohùn jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kàn pòórá, bí ìgbà tí wọ́n múná lọ.

Aṣàtúnṣe rédíò: Ohùn yàrá ni kó o fi dí ihò yẹn, kì í ṣe òfo. Àwa máa ń ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí a tó pa máíkì. Má tẹ́ ẹ sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ o, jẹnẹrétọ̀ á di méjì. Inú ihò nìkan, kó o sì jẹ́ kí ìsopọ̀ tibẹ̀ gùn díẹ̀, bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá.

Ọmọ Ìsẹ́yìn: N kò gba irú ẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ni mo rí, ìgbà tí Màmá ń wá áṣáà wọn. Mo tún un lò léraléra, adìẹ kan wá ń ké ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin.

Bọ̀dá Fẹ́mi: Gé adìẹ náà.

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Mo gé e. Ó ku méjì ààbọ̀. Nísinsìnyí jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣe bí ẹni ń jó.