Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì wa ń kú, ó ń jí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùtọ́jú Ọ́fíìsì: Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, mo kí yín. Láti àárọ̀ Ajé ni kọ̀ǹpútà wa kò ti rí ara wọn mọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò dáhùn, ọ̀gá sì ń pè mí ṣáá. Àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa ní kò sí ohun tó ṣe ọ̀dọ̀ àwọn, mo sì ti ra ráútà tuntun, síbẹ̀ kò yí padà. Bí mo bá pa súwíìṣì, àpótí tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà wa ti pàdé, tí mo tún tàn án, á ṣiṣẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á tún dákú. Ṣé kí n kọ̀wé fẹ̀sùn kan wọn ni?

Ìyá Bọ́lá: Kòkòrò ló wọ kọ̀ǹpútà yín. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ àbúrò mi ló bá mi nù ún.

Àgbà Wáyà: Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ wo iná ara súwíìṣì. Ṣé gbogbo rẹ̀ ló ń ṣẹ́jú pọ̀, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣiṣẹ́? Ta ló sì gbé nǹkan kúrò láyè rẹ̀ láìpẹ́?

Olùtọ́jú Ọ́fíìsì: Gbogbo rẹ̀ ni, sà, ó yára débi pé ojú kò lè tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ráútà tí mo rà kì í ṣe àṣìṣe, ti tẹ́lẹ̀ ti gbó.

Àgbà Wáyà: Ọ̀nà kan ti yípo nínú ilé yín. Ìránṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń ké sí gbogbo ilé kì í gbó lójú ọ̀nà. Súwíìṣì á máa dà á kọ sí gbogbo ẹnu rẹ̀, èyí tó bá gba ọ̀nà yìí padà á tún di púpọ̀, títí kò fi ní sí àyè fún iṣẹ́ gidi. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ tí ẹ bá tàn án. Ẹ dúró ti súwíìṣì, ẹ máa yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa wo iná. Èyí tí ẹ bá yọ tí iná rọlẹ̀ ni kí ẹ fi àmì sí, kí ẹ dá àwọn yòókù padà, kí ẹ sì tẹ̀ lé e dé ara ògiri.

Ọmọ Ẹ̀rọ: Ẹ kàn tan STP, ètò inú súwíìṣì tó máa ń dí ọ̀nà tó bá yípo, ó ti tán.

Àgbà Wáyà: Àbúrò, òótọ́ ni, àmọ́ súwíìṣì tó ṣeé pàṣẹ fún ló sábà máa ń ní in. Irú wo ni tiwọn?

Olùtọ́jú Ọ́fíìsì: Ẹlẹ́nu 24 ni, kò ní ojú ìwé tí a lè wọlé sí. Mo ti yọ wáyà bẹ́ẹ̀, sà. Nígbà tí mo yọ ìkọkànlá, iná rọlẹ̀ lójijì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì dáhùn. Mo tẹ̀ lé e dé ibi tí àlejò ti ń jókòó. Wọ́n gbé tábìlì ibẹ̀ kúrò lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tó ń gbálẹ̀ rí orí wáyà kan nílẹ̀, ó sì tì í bọ ihò ògiri kejì kí ẹsẹ̀ má baà kọ́ ọ. Orí kejì ṣì wà nínú ihò àkọ́kọ́.

Ìyá Bọ́lá: Kí wọ́n lé ẹni náà kúrò níbi iṣẹ́!

Olùtọ́jú Ọ́fíìsì: Rárá o, mà. Ó rò pé òun ń tún ibẹ̀ ṣe ni.

Àgbà Wáyà: Bí ẹ bá yọ wáyà ihò kejì dípò rẹ̀, iná náà á rọlẹ̀ bákan náà, nítorí òrùka kan ni. Bí ẹ bá ra súwíìṣì Cisco tó ṣeé pàṣẹ fún, ẹ kọ èyí sí ẹnu tó lọ sí ara ògiri:

```
spanning-tree portfast
spanning-tree bpduguard enable
```

Ẹnu tó bá rí òrùka á ti ara rẹ̀ pa.

Olùtọ́jú Ọ́fíìsì: Ọ̀gá ní kò sí owó fún ìyẹn báyìí.

Àgbà Wáyà: Ẹ yọ wáyà gbogbo ihò ògiri tí ẹnikẹ́ni kò lò kúrò lára súwíìṣì nígbà náà.