Ojú ewé “Nípa Wa” tí kò sọ nǹkan kan: báwo lẹ ṣe sọ tiyín di ìtàn tó ṣe é gbà gbọ́?

Gègé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ni mò ń bá kọ ọ̀rọ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ ni ti ilé iṣẹ́ kan tó ń tún pọ́ńpù omi ṣe.

Ohun tó wà lójú ewé “Nípa Wa” wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀ rèé: “Ilé iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ ni wá. Iṣẹ́ tó péye ló jẹ wá lógún. Àwọn òṣìṣẹ́ wa mọṣẹ́ dunjú.” Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí wọ́n ti yin ara wọn. Ìbéèrè kan ni mo fi yẹ gbogbo wọn wò: bí ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí bá gbé gbólóhùn náà sójú ewé tirẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni á mọ̀ pé kì í ṣe tiwọn? Kò sí ẹyọ kan tó yege.

Mi ò bi ọ̀gá wọn pé kí ni ilé iṣẹ́ náà dúró fún, torí ọ̀rọ̀ dídán bíi ti tẹ́lẹ̀ ló máa tún fún mi. Mo ní kó sọ iṣẹ́ kan tó mú kí wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ padà. Ó ronú díẹ̀, ó ní oníbàárà kan gbé pọ́ńpù kan náà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta torí pé omi ń jò lára ẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, rọ́bà tó ń dí omi ni wọ́n pààrọ̀. Nígbà kẹta ni wọ́n tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, tí wọ́n rí i pé bíárìn ti jẹ, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ ń gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn ló sì ń ba rọ́bà tuntun jẹ́. Láti ìgbà náà, wọn kì í pààrọ̀ rọ́bà láìwọ̀n bí ọ̀pá náà ṣe ń mì. Èyíkéyìí tí wọ́n bá yọ kúrò lára ẹ̀rọ, wọ́n á fi í sínú ọ̀rá, wọ́n á kọ déètì sí i, wọ́n á kó o fún ẹni tó ni pọ́ńpù.

Ìtàn ti wà nìyẹn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀? Mo lọ jókòó ti akọ̀wé wọn. Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì ẹ̀ tí wọ́n ń kọ gbogbo iṣẹ́ sí: ọjọ́ tí ẹ̀rọ dé, ohun tó ń ṣe é, ohun tí wọ́n ṣe sí i, ẹni tó ṣe é. A ka ti ọdún 2024 látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà la wá kọ ọ́ báyìí, ní abẹ́ ìtàn yẹn gan-an: “Ní 2024, pọ́ńpù 212 la tún ṣe. 9 padà wá láàárín 90 ọjọ́ pẹ̀lú àléébù kan náà. Ọ̀fẹ́ la tún wọn ṣe.” Fọ́tò bíárìn tó jẹ yẹn, nínú ọ̀rá rẹ̀ tòun ti déètì, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá fẹ́ ká fi kún un pé iye tó ń padà ti dín kù. Mi ò gbà. Àkọsílẹ̀ tó ṣáájú ìyípadà yẹn kò pé, kò sí ohun tí a lè fi wé e.

Pàtẹ́

Ẹ̀gbọ́n Gègé, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wàhálà yìí pọ̀ jù. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ìyìn oníbàárà ni mo kó jọ, mo tò ó sísàlẹ̀ ojú ewé, ó tán. Àwọn èèyàn gba ẹnu oníbàárà gbọ́ ju ẹnu ẹni tó ń tà lọ.

Ìyá Àkọsílẹ̀

Pàtẹ́, òótọ́ ni wọ́n gba ẹnu oníbàárà gbọ́. Àmọ́ irú ọ̀rọ̀ wo? “Iṣẹ́ yín dára, ẹ ṣeun” kò fi ẹ̀rí kankan hàn. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́. Tí mo bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníbàárà, mi ò ní kí ó yìn wá o. Mo máa ń bi í pé kí ló ń dà á láàmú kó tó wá, kí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kó má wá, kí ló sì rí lẹ́yìn iṣẹ́. Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yẹn ló máa ń wúlò jù, torí iyèméjì kan náà ló wà lọ́kàn ẹni tó ń kà á. Lẹ́yìn náà màá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i, á fọwọ́ sí i pé kí a lo orúkọ òun. Ẹ má sì tò gbogbo ẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tó sọ pé ẹ tètè dé, ibi tí ẹ ti ní ẹ máa ń tètè dé ni kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà.

Ẹ má ṣe fúnra yín kọ ọ́ fún wọn o. Ní Amẹ́ríkà, FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, gbé òfin jáde ní 2024 tó dìídì ka irú ọ̀rọ̀ ìyìn ayédèrú bẹ́ẹ̀ léèwọ̀.

Àwòrán Tòótọ́

Èmi o, fọ́tò ni tèmi. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àwòrán tí wọ́n rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ṣe “àwọn òṣìṣẹ́ wa”. Oníbàárà kan ṣí ojú ewé ilé iṣẹ́ mìíràn níwájú mi: àwọn ojú kan náà, ẹ̀rín kan náà. Ó kàn bi mí pé, “Èwo ni ẹ wà níbẹ̀?” Mi ò rí èsì fún un. Ṣé àmì ilé iṣẹ́ tuntun lè tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe? Mo ti ní ayàwòrán kan nílẹ̀.

Gègé

Àmì kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà lára ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Ya àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gan-an lẹ́nu iṣẹ́, kí irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, kí o kọ iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe sábẹ́ ẹ̀.

Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, mi ò tíì ní ìwé tí mo lè kà. Ṣé kí n kọ “a ní ìrírí ọdún 12”? Ibi iṣẹ́ tí mo wà tẹ́lẹ̀ ni mo ti lo ọdún yẹn.

Ìyá Àkọsílẹ̀

Àbúrò, má kọ “a”. Kọ “mo”, kí o sì sọ irú iṣẹ́ tí o ṣe láàárín ọdún náà, torí ìwọ lo ní ìrírí yẹn, ilé iṣẹ́ rẹ kò tíì ní in. Lẹ́yìn ìyẹn, fi bí o ṣe ń ṣe iṣẹ́ hàn. Bí o bá ní ìwé tí o fi ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó jáde, gbé òun fúnra rẹ̀ síbẹ̀ kí èèyàn kà á. Kí o sì bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ láti iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Oníṣirò

Ẹ̀gbọ́n Gègé, mo fẹ́ràn 9 nínú 212 yẹn, ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn tó padà wá nìkan lẹ kà. Ẹni tí pọ́ńpù ẹ̀ tún bàjẹ́, tó bínú gbé e lọ síbòmíì, kò sí nínú ìwé yín. Ẹ ò ṣáà lè sọ pé 203 tó kù ṣiṣẹ́ dáadáa.

Gègé

Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìdí rèé tí a fi kọ “padà wá”, tí a ò kọ “bàjẹ́”. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Màá ní kí wọ́n sọ ọ́ di “padà wá bá wa”, kí akọ̀wé sì máa pe díẹ̀ lára àwọn oníbàárà lẹ́yìn 90 ọjọ́ láti béèrè bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe sí. Òun náà ni yóò máa ka ìwé lọ́dọọdún, torí bí 2024 bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, òǹkàwé á máa rò pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́.

Ohun tó kù báyìí ni pé ẹni tó bá ọ̀gá dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ fẹ́ kí a yọ 9 yẹn kúrò. Ó ní ta ló ń polówó àléébù ara ẹ̀. Ọ̀gá ní kó wà níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń bá ara wọn fà á.

Pàtẹ́

Èmi á yọ ọ́ o.

Oníṣirò

Tí wọ́n bá yọ ọ́, kí wọ́n yọ 212 náà.