Kọ̀ǹpútà kan kọ̀ láti ṣí ojú òpó ìsanwó ilé-ìwé, àwọn ojú òpó mìíràn sì ń ṣí lórí rẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bùkọ́lá, Ọ̀bá-Ilé, Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ojú ọ̀nà Ọ̀bá-Ilé, níbi tí a ti ń tẹ ìwé, tí a sì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà wa, tókunbọ̀ orí tábìlì tó ń lo Windows 10, kò gbà mọ́ láti ṣí ojú òpó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń san owó ilé-ìwé. Bí mo bá ti tẹ orúkọ rẹ̀ sínú Chrome, ohun tó máa ń jáde ni `Your connection is not private`, pẹ̀lú `NET::ERR_CERT_DATE_INVALID` nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó rú mi lójú ni pé ojú òpó báńkì mi ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà yìí kan náà, ojú òpó ìròyìn tí mo máa ń kà náà sì ń ṣí. Fóònù mi ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì kan náà, ojú òpó ìsanwó náà sì ń ṣí lórí rẹ̀ láìsí wàhálà. Mo wo aago kọ̀ǹpútà nítorí mo rí DATE nínú ohun tó kọ: wákàtí rẹ̀ pé, ó sì fi 2025 hàn. Ṣé kọ̀ǹpútà ló níṣòro ni àbí ojú òpó náà? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró, ọjọ́ ìparí ìsanwó sì ti sún mọ́lé.

Táyọ̀, ọmọ FUTA

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dààmú. Ìwé ẹ̀rí ààbò ojú òpó náà, tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ pé ojú òpó gidi ni, ló ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, àwọn tó ni ín ló yẹ kí wọ́n tún un ṣe. Kí ẹ tó rí wọn bá sọ̀rọ̀, ẹ tẹ `Advanced`, kí ẹ sì tẹ `Proceed` tó wà nísàlẹ̀, yóò wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe máa ń ṣe é ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Alàgbà Akin, Alágbàká

Táyọ̀, òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ inú ìwé ẹ̀rí ni, ṣùgbọ́n bí ìwé ẹ̀rí náà bá ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ ni, fóònù wọn náà ì bá ti kọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, Bùkọ́lá, ẹ má tẹ `Proceed` lórí ojú ìwé tí àwọn ọmọ ti ń tẹ nọ́ńbà káàdì báńkì wọn. Ẹ tẹ aago tó wà ní igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ sì ka ọjọ́ tí ó bá fi hàn fún wa lódindi. Ẹ tún sọ fún wa ẹni tí ó máa ń tún aago kọ̀ǹpútà náà ṣe, bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe é, kí ẹ sì fi orúkọ ojú òpó náà ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.

Bùkọ́lá, Ọ̀bá-Ilé, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun, sà. Mo ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Ọjọ́ tí ó kọ síbẹ̀ ni Friday, October 3, 2025, Thursday ọjọ́ 16 sì ni òní. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló máa ń tún aago náà ṣe láàárọ̀, nítorí pé tí a bá tan kọ̀ǹpútà náà, nǹkan bí agogo méje alẹ́ ni ó máa ń fi hàn.

Alàgbà Akin, Alágbàká

Agogo méje alẹ́ tí ẹ sọ yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Aago kékeré kan wà lórí pátákó inú kọ̀ǹpútà, tí ó yẹ kó máa rìn tọ̀sán tòru. Bí wáyà bá wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná sì wà, iná náà ni ó ń gbé e rìn, kódà bí ẹ bá ti pa kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, tàbí tí ẹ bá pa jẹnẹrétọ̀ tí ẹ sì ti ṣọ́ọ̀bù, bátìrì pẹlẹbẹ kan tó rí bí owó ẹyọ, tí wọ́n kọ CR2032 sí lára, ni ó máa ń gba iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn ènìyàn rò pé tí bátìrì yìí bá kú, aago gbọ́dọ̀ padà sí ọdún àtijọ́ kan kí a tó mọ̀. Nígbà tí ó bá ṣì ń kú lọ, aago lè kàn dúró síbi tí iná ti fi í sílẹ̀ ni, kó sì máa bá ìrìn lọ láti ibẹ̀ nígbà tí iná bá dé.

Tiyín dúró ní agogo méje alẹ́ ọjọ́ 3. Nígbà tí ọmọ yín dé láàárọ̀, ó yí i sí agogo mẹ́jọ àárọ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ọjọ́. Kọ̀ǹpútà náà tún lo ọjọ́ 3 láti àárọ̀ títí di alẹ́, iná lọ, aago dúró, ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà tún yí wákàtí padà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí wákàtí fi pé, tí oṣù pé, tí ọdún pé, tí ọjọ́ 3 kò sì kúrò níbẹ̀ láti ìgbà náà.

Ní ti ojú òpó, mo ṣí ìwé ẹ̀rí èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tèmi. `Issued On` rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá, `Expires On` sì jẹ́ ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 2026. Ọ̀pọ̀ ojú òpó ló ń gba ìwé ẹ̀rí ọlọ́jọ́ 90 báyìí, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó parí. Lójú kọ̀ǹpútà tó gbà pé ọjọ́ 3 ni òní, ìwé ẹ̀rí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 9 kò tíì sí, búráúsà kò sì ní gbà á. Báńkì yín àti ojú òpó ìròyìn yẹn ní láti jẹ́ pé wọ́n ti gba tiwọn ṣáájú ọjọ́ 3. Bí aago bá wà lẹ́yìn, ìwé ẹ̀rí tuntun ni yóò kọ̀. Bí ó bá sáré síwájú, èyí tó kù díẹ̀ kó parí ni yóò kọ̀.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù wà ní òdìkejì rẹ̀. Bí ojú òpó kan bá ní ìwé ẹ̀rí tó parí ní ọjọ́ 10, kọ̀ǹpútà yín yóò gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀ láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí lójú tirẹ̀ ọjọ́ 10 kò tíì dé.

Ẹ fi ọwọ́ yí ọjọ́ náà sí 16 ná, kí ẹ tó tan `Set time automatically` padà. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú títàn án, Windows lè kọ̀, nítorí pé lórí kọ̀ǹpútà tó dá dúró bíi tiyín kì í sábà gbà láti tún aago tó fi ju wákàtí 15 lọ ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `Sync now`. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìdáhùn rẹ̀ ní kedere, ẹ ṣí `Command Prompt` pẹ̀lú `Run as administrator`, kí ẹ tẹ èyí:

```
net start w32time
w32tm /resync
```

Bí ó bá dáhùn pé `the required time change was too big`, ọjọ́ tí ẹ fi ọwọ́ yí kò tíì tọ̀nà nìyẹn.

Màmá Ìbejì, Oǹdó

Alàgbà, ọ̀rọ̀ yìí bá tèmi mu. Láàpútọ́ọ̀pù mi àtijọ́, Windows 7, náà ń kọ irú ìkìlọ̀ yìí lórí ojú òpó púpọ̀. Mo ti ra bátìrì tuntun sí i, ọjọ́ rẹ̀ pé, wákàtí rẹ̀ pé, kò sì yí padà. Ṣé kí n tún bátìrì mìíràn rà ni?

Alàgbà Akin, Alágbàká

Ẹ má ra bátìrì mọ́, mà. Bí ọjọ́ bá pé tí ìkìlọ̀ kò lọ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà yín kò mọ ẹni tó fọwọ́ sí àwọn ìwé ẹ̀rí náà. Ìwé ẹ̀rí ìpìlẹ̀ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní DST Root CA X3 parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò gba àtúnṣe mọ́ kò sì ní èyí tó rọ́pò rẹ̀. Ẹ gbìyànjú Firefox, nítorí pé ó máa ń gbé orúkọ àwọn tí ó fọkàn tán wá fúnra rẹ̀. Ẹ bá wa kọ àmì tó wà nísàlẹ̀ ìkìlọ̀ náà bí ó ṣe rí gẹ́lẹ́. Láìrí i, n kò lè sọ pé ohun tó ń ṣe yín nìyẹn.

Bùkọ́lá, Ọ̀bá-Ilé, Àkúrẹ́

Alàgbà, ojú òpó ìsanwó náà ti ṣí! Àmọ́ nǹkan mìíràn tún yọjú. Bí mo ṣe tẹ `Sync now`, wákàtí náà sá padà láti 10:20 àárọ̀ sí 2:20 òru. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sọ pé ohun tó jẹ́ kí òun pa ṣíṣe-fúnra-rẹ̀ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé kì í sọ òótọ́.

Ṣèyí, Ìjàpọ̀

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí, nítorí tókunbọ̀ ni mò ń tà. Wákàtí mẹ́jọ ni ó fi yàtọ̀, èyí tí ó jẹ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àkókò wa àti ti California ní oṣù yìí. Ẹ wo `Time zone`: mo gbà pé `Pacific Time` ni ẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ yí i sí `(UTC+01:00) West Central Africa`. Wákàtí tí íńtánẹ́ẹ̀tì fún un tọ̀nà. Ibi tí kọ̀ǹpútà rò pé òun wà ni kò tọ̀nà.

Bùkọ́lá, Ọ̀bá-Ilé, Àkúrẹ́

`Pacific Time` gan-an ni mo bá níbẹ̀. Mo ti yí i, 10:41 ló sì fi hàn báyìí, ó bá fóònù mi mu. Níwọ̀n ìgbà tó ti ń gba wákàtí láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣé mo ṣì nílò bátìrì náà?

Táyọ̀, ọmọ FUTA

Lójú tèmi, ẹ kò nílò rẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n. Láràárọ̀ ni yóò máa tún ara rẹ̀ ṣe.

Alàgbà Akin, Alágbàká

Yóò tún ara rẹ̀ ṣe tí ìyàtọ̀ kò bá ju wákàtí 15 lọ. Bí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán Sátidé, tí iná kò sì dé títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, ó ti kọjá ibẹ̀. Ẹ ra á. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó ń lo rìmóòtù máa ń lo irú rẹ̀, nítorí náà àwọn tó ń tún aago ọwọ́ ṣe ní Ọjà Ọba sábà máa ń ní in. Kí ẹ́ni tí yóò pààrọ̀ rẹ̀ fi mítà wọ̀n ọ́n: tuntun máa ń lé díẹ̀ ní fólítì 3, èyí tó bá ti wà ní àyíká 2.5 kò wúlò mọ́.

Kí ó tó yọ ti àtijọ́, ẹ jẹ́ kí ó wọ BIOS, ìyẹn ojú ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tó máa ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó gbéra, kí ó sì fi fóònù ya gbogbo ojú ìwé ibẹ̀. Ètò inú BIOS lè parẹ́ tí bátìrì bá kúrò. Ní pàtàkì, ẹ ya ibi tí ó kọ `SATA Mode` sí, nítorí bí ó bá yí padà láti `AHCI` sí `IDE`, Windows lè kọ̀ láti gbéra, ẹ ó sì rò pé dísìkì ló bàjẹ́. Kí ó yọ wáyà kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì pátápátá, kó tẹ bọ́tìnì ìtanná lẹ́ẹ̀kan kí iná tó kù sínú lè jáde, kí ó sì fi ojú tí wọ́n kọ + sí sókè.

Màmá Ìbejì, Oǹdó

Alàgbà, mo ti rí àmì náà: `NET::ERR_CERT_AUTHORITY_INVALID` ló wà lórí méjì nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta kọ DATE bíi ti Bùkọ́lá, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mi pé. Firefox ṣí àwọn méjì àkọ́kọ́, kò ṣí ẹ̀kẹta.

Alàgbà Akin, Alágbàká

Àwọn méjì àkọ́kọ́ ti yé mi. Ẹ fi fóònù yín ṣí ẹ̀kẹta, mà, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì mìíràn. Bí fóònù náà bá kọ̀ ọ́, ohun tí Táyọ̀ sọ ní àkọ́kọ́ lè jẹ́ òótọ́ fún ojú òpó yẹn.