Báwo lẹ ṣe kọ̀wé sí báǹkì kí wọ́n tó tún ètò ẹ̀yáwó yín tò? Ẹ sọ ìrírí yín

Ìyá Gààrí, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí lórí owó tí mo yá fún ilé gààrí mi, kí ẹni tó bá wà nínú irú ẹ̀ lè mọ ohun tó máa kọ sí báǹkì.

Oṣù kejì ọdún 2024 ni mo yá ₦3,000,000. Ọdún méjì ni wọ́n fún mi láti san án, èlé rẹ̀ sì jẹ́ 30% lọ́dún lórí iye tó bá kù. Bí ọjọ́ 28 oṣù bá ti pé, wọ́n á yọ bíi ₦167,700 nínú akáúntì mi. Kò ni mí lára nígbà náà, torí tí mo bá ti yọ owó ẹ̀gẹ́, owó igi, owó àwọn tó ń bó àti àwọn tó ń yan, bíi ₦230,000 ló máa ń kù sí mi lọ́wọ́ lóṣù.

Ìparí oṣù kọkànlá ni ẹ́ńjìnnì tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ nọ́ọ̀kì. A ti bó ẹ̀gẹ́ pikọ́ọ̀pù kan kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí mẹkáníìkì tó dé, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti ṣú, kí a sì tó rí ibi tí wọ́n á ti bá wa rin ín, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti dúdú, ó ti ń rùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, mo ń fọwọ́ ṣa èyí tó ṣì funfun. Èyí tí mo rí ṣà kò tó ìdajì.

Mo ra ẹ́ńjìnnì mìíràn láwìn, ₦80,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀gẹ́ náà sì tún ti gbówó lórí lásìkò yẹn, ni owó tó ń kù sí mi lọ́wọ́ bá já sí nǹkan bíi ₦140,000. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Níbo ni n ó ti rí ₦167,700?

Mo kọ ímeèlì àkọ́kọ́ sí òṣìṣẹ́ tó gba fọ́ọ̀mù mi nígbà tí mo fẹ́ yá owó. Ẹ̀bẹ̀ ló kún inú rẹ̀: ẹ ṣàánú mi, ọjà ò tà, ọmọ wà nílé ìwé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá, mi ò rí èsì. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tó máa ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìwé owó ló kà á, ó ní, “Àbúrò, ẹni tó ń ka ímeèlì yìí fẹ́ ṣàánú ẹ, àmọ́ o ò sọ ohun tó máa bá ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀.” Àwa méjèèjì la jọ jókòó kọ ìkejì. Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

> Orí ọ̀rọ̀: Ìbéèrè láti tún ètò ìsanpadà ẹ̀yáwó tò kí ọjọ́ 28 oṣù kìíní 2025 tó pé
>
> Mo ti san owó oṣù mẹ́sàn-án pé láìfi ọ̀kan ṣeré, n ó sì san ti oṣù kejìlá lọ́jọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, iye tó máa kù jẹ́ bíi ₦1,961,000.
>
> Ẹ́ńjìnnì ilé gààrí mi bàjẹ́ ní oṣù kọkànlá. Mo ti ra òmíràn, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n n ó máa san ₦80,000 lóṣù lórí rẹ̀ títí di ìparí oṣù kẹta. Owó tó ń kù sí mi lọ́wọ́ báyìí kí n tó san gbèsè kankan jẹ́ nǹkan bíi ₦140,000 lóṣù.
>
> Ohun tí mo ń bèèrè: kí ẹ jẹ́ kí n san èlé nìkan fún oṣù kìíní, oṣù kejì àti oṣù kẹta. Láti oṣù kẹrin, kí ẹ pín iye tó kù sí oṣù 21. Ìṣirò mi ni pé èlé nìkan á jẹ́ bíi ₦49,000, owó oṣù láti oṣù kẹrin á sì jẹ́ bíi ₦121,200. Mo tún ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ dín èlé náà kù tó bá ṣeé ṣe.
>
> Mo so rìsíìtì ẹ́ńjìnnì, àwòrán èyí tó bàjẹ́, àti ojú ìwé títà-rírà mi fún oṣù mẹ́fà mọ́ ọn. Ẹ lè wá wo ilé iṣẹ́ náà lọ́jọ́ tó bá wù yín.

Mo fi ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ yẹn, mo fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí máníjà ẹ̀ka, mo sì fi òmíràn ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn oníbàárà. Ibi ìkẹyìn yìí ló fún mi ní nọ́ńbà tí mo fi ń tọpa rẹ̀. Owó àjọ mi ni mo fi san ti oṣù kejìlá. Ní oṣù kìíní, ẹni méjì wá láti báǹkì, wọ́n ka agbada ìyangààrí, wọ́n ní ká ṣáná sí ẹ́ńjìnnì kí àwọn gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọjọ́ 22 ni lẹ́tà tuntun jáde. Wọ́n gbà, àfi ti èlé tí wọ́n ní àwọn ò lè dín.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Olóko Ọ̀pẹ, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ kú oríire, mà. Ṣé èmi náà lè fi lẹ́tà yìí gba owó lọ́wọ́ báǹkì? ₦1,000,000 ni mo ń wá láti fi ra ẹ̀rọ ìfúnpo.

Ìyá Gààrí, Ìjẹ̀bú-Igbó

Rárá, bùrọ̀dá mi. Owó tí mo ti jẹ ni mo ní kí wọ́n tún tò. Wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀ kún un.

Oníbúrẹ́dì, Ìpẹru

Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí fùláwà àti dísù gbé mi ṣubú, mi ò kọ nǹkan kan sí wọn. Inú báǹkì mìíràn ni mo ń gba owó búrẹ́dì sí, àwọn tó yá mi lówó kàn ń yọ afẹ́fẹ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi mí. Bí èèyàn bá gbé owó rẹ̀ kúrò níwájú wọn, àwọn fúnra wọn á wá bẹ̀ ọ́ pé kí ẹ jọ sọ̀rọ̀.

Òṣìṣẹ́-Fẹ̀yìntì, Òde Rẹ́mọ

Ẹ̀ka ẹ̀yáwó ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì. Òótọ́ ni ìyá gààrí sọ, n ó sì sọ ìdí tí ìkejì fi gba èsì.

Ẹni tó ń gba ímeèlì wa ní ẹ̀ka kò láṣẹ láti yí ètò gbèsè padà. Ìwé ló máa kọ sí àwọn tó wà lókè. Tí ẹ bá ti kọ iye tó kù, iye tí ẹ lè san, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, ẹ ti kọ ìdajì ìwé yẹn fún un. Tí ẹ bá kọ ẹ̀bẹ̀ nìkan, ó di dandan kó pè yín kó tó lè kọ ohunkóhun, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ráyè.

Ohun kejì ni àkókò. Tí owó bá ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ ní 90 ọjọ́, òfin ní kí báǹkì kà á mọ́ gbèsè tó ti bàjẹ́, kó sì ya owó sọ́tọ̀ nítorí rẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ̀ka tó ń lépa gbèsè ni ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀, ohùn wọn sì yàtọ̀. Ìyá yìí kọ̀wé nígbà tí kò tíì jẹ owó oṣù kankan. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn wá ka agbada dípò kí wọ́n wá gbé e.

Ní ti dídín èlé, oṣù kọkànlá 2024 ni CBN gbé èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀ dé 27.50%. Báǹkì tó yáni ní 30% nígbà náà kò ní ibi tó máa sún sí. Oṣù ni kí ẹ bèèrè, ẹ fi èlé sílẹ̀.

Bùrọ̀dá oníbúrẹ́dì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kọ́ èèyàn ní ìyẹn. Láti oṣù kẹjọ 2020 ni CBN ti gbé ètò GSI jáde. Ẹni tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ yá owó, báǹkì tó yá a lè tọ BVN rẹ̀ lọ sínú akáúntì rẹ̀ ní báǹkì mìíràn, kó sì yọ ọ́ níbẹ̀.

Oníbúrẹ́dì, Ìpẹru

Orúkọ ilé iṣẹ́ ni mo fi yá tèmi, sà. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọn ò fi rí i yọ. Ṣùgbọ́n n ò ní parọ́, nígbà tí a jọ jókòó nígbẹ̀yìn, wọ́n ti ka èlé oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ojú owó, pẹ̀lú owó ìtanràn. Èyí tí mo wá ń san lóṣù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Aránṣọ, Ṣágámù

Èmi lọ yá owó kọ́ópù láti fi san ti báǹkì. Oṣù méjì péré ni ara tù mí. Lẹ́yìn náà, kọ́ópù ń yọ tiwọn, báǹkì ń yọ tiwọn, ni mo bá ta ẹ̀rọ ìṣẹ́tí mi. Ká ní mo mọ̀ pé èèyàn lè kọ irú ìwé yìí ni! Mà, ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ ó fi lé e lápapọ̀?

Ìyá Gààrí, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ká ní mo ń bá ti àtijọ́ lọ, oṣù 14 tó kù á gba ₦2,348,000 lọ́wọ́ mi. Ti tuntun yìí á gba bíi ₦2,691,000. Nǹkan bíi ₦343,000 ni mo fi ra oṣù mẹ́wàá, torí oṣù kejìlá 2026 ló máa tó parí báyìí dípò oṣù kejì. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ilé gààrí ṣì ń yọ èéfín, obìnrin mẹ́fà ṣì ń jẹun níbẹ̀.

Òṣìṣẹ́-Fẹ̀yìntì, Òde Rẹ́mọ

Mà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ń kọ mí lóminú. ₦121,200 nínú ₦140,000 há jù. Tí mo bá wà lórí àga ni, n ó ní kí ẹ gba oṣù 30. Tí ẹ́ńjìnnì bá tún ṣe pẹ́, ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì á ṣòro gan-an ju ti àkọ́kọ́.

Ìyá Gààrí, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀gbọ́n mi sọ bẹ́ẹ̀, sà, èmi ni mo kọ̀. Gbèsè oṣù 30 bà mí lẹ́rù. Mi ò tíì mọ ẹni tó jàre nínú wa.

Ìyàwó Bíríkìlà, Odògbolú

Onídùúró yín ńkọ́? Ti ọkọ mi kọ̀ láti tọwọ́ bọ̀wé tuntun, ó ní òun ti dúró lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá Gààrí, Ìjẹ̀bú-Igbó

Wọ́n ní kí onídùúró mi tún tọwọ́ bọ̀ ọ́ lóòótọ́. Mo ti lọ bá a nílé kí n tó fi ímeèlì ránṣẹ́, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, torí náà kò yà á lẹ́nu.

Òṣìṣẹ́-Fẹ̀yìntì, Òde Rẹ́mọ

Bó ṣe yẹ nìyẹn. Ohun tí onídùúró fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ ti yí padà, báǹkì ò ní fẹ́ kó rí ẹnu sọ lọ́jọ́ iwájú pé òun ò mọ̀ sí i. Tó bá kọ̀, ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè gba ẹlòmíì. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń gbà, nígbà mìíràn wọn kì í gbà. Kí àwọn yòókù sì rántí: títí tí ẹ ó fi tọwọ́ bọ lẹ́tà tuntun, ti àtijọ́ ló ṣì ń ṣiṣẹ́, ìyọwó ọjọ́ 28 ò ní dúró nítorí pé ẹ ti fi ímeèlì ránṣẹ́.

Ìyá Gààrí, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an, sà! Mo ti tọwọ́ bọ̀wé lọ́jọ́ 23, síbẹ̀ lọ́jọ́ 28 wọ́n fẹ́ yọ ₦167,700. Ọlọ́run ló bá mi ṣe é tó jẹ́ pé ₦52,000 péré ló wà níbẹ̀, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀. Mo tún fi ímeèlì ránṣẹ́, mo so lẹ́tà tuntun mọ́ ọn, mo kọ nọ́ńbà ìtọpa yẹn sórí rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n dá èyí tó lé lórí ₦49,000 padà.

Ìyàwó Bíríkìlà, Odògbolú

Ẹ ṣé, mà. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́dọ̀ ẹ̀ka wo ni wọ́n ti ń bèèrè nípa pípààrọ̀ onídùúró? Ọjọ́ Ajé lọkọ mi fẹ́ padà lọ.